Ẹ̀jẹ̀ inú èrìgì: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ìyá kan tó ń lo wáfárìn

Ìyá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti lé díẹ̀ ní ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ó ti lo wáfárìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, fún ọdún méjì nítorí pé ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé. Nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀, yàrá òkè inú ọkàn á máa gbọ̀n dípò kó máa fún ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ á wá dúró síbẹ̀, á dì. Bí kókó ẹ̀jẹ̀ yẹn bá já, tó bá ọ̀nà ọpọlọ lọ, rọpárọsẹ̀ ló ń yọrí sí. Èmi ni apòògùn tó ń bójú tó kílíníìkì àwọn tó ń lo wáfárìn ní ilé ìwòsàn wa. Mo gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ìyá náà kí n tó kọ èyí, mo sì ti yọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi dá a mọ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Mílígíráàmù 5 ló ń lò ní alaalẹ́. Fún oṣù mẹ́jọ gbáko, INR rẹ̀ kò kúrò láàárín 2.3 sí 2.7. INR ni nọ́ńbà tí àyẹ̀wò ìdídì ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé jáde. Ẹni tí kò lo oògùn kankan máa ń ní nǹkan bíi 1, bí nọ́ńbà náà bá sì ṣe ń gòkè ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ sí i kó tó dì. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ rí bíi tirẹ̀, àárín 2 sí 3 ni a fẹ́ kó wà. Bó bá wà nísàlẹ̀ 2, ààbò kò tó. Bó bá kọjá 4, ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dà níbi tí kò yẹ. Kò sí ohun tí ara máa fi sọ fúnni pé nọ́ńbà náà ti kúrò ní 2.5, ó ti dé 5. Kì í dunni, kì í mú ibà wá. Inú ìgò àyẹ̀wò nìkan la ti lè rí i.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé wáfárìn ń mú kí ẹ̀jẹ̀ fúyẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kò fúyẹ́ rárá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe àwọn èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, mẹ́rin pàtàkì nínú wọn kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí fítámì K. Ẹ̀dọ̀ á lo fítámì yìí tán, á tún un ṣe, á sì tún un lò. Àtúnṣe yẹn ni wáfárìn ń dí lọ́wọ́. Nítorí náà, ìwọ̀n fítámì K tó ń gba ẹnu wọlé lójoojúmọ́ àti ìwọ̀n wáfárìn jọ ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni, ibi tí wọ́n bá sì dúró sí ni INR ń sọ fún wa. Ẹ̀fọ́ aláwọ̀ ewé ló ní fítámì K jù nínú oúnjẹ. Ìyá yìí fẹ́ràn ẹ̀fọ́, ó sì ń jẹ ẹ́ ní ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ̀fọ́ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí mílígíráàmù 5 bá a mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò kan báyìí, INR rẹ̀ jẹ́ 2.5. A ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọjọ́ náà gan-an ni a pín ìwé pélébé tuntun kan fún gbogbo ẹni tó wá. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ ní wéréwéré, mo fẹ́ kó mọ ojú ewé kan, nítorí náà mo gé ọ̀rọ̀ kúrú. Níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ oúnjẹ, gbólóhùn kan péré ni mo kọ: “Ẹ dín ẹ̀fọ́ aláwọ̀ ewé kù, nítorí ó máa ń ba iṣẹ́ wáfárìn jẹ́.”

Ìyá náà ka ìwé yìí dáadáa, bí èèyàn ṣe ń ka ohun tí ẹni tó gbọ́n jù ú lọ nídìí ọ̀rọ̀ bá kọ. Ó délé, ó pa ẹ̀fọ́ tì pátápátá. Kò dín in kù, ó pa á tì ni, nítorí lójú rẹ̀, ohun tó ń ba oògùn ọkàn jẹ́ kò yẹ kó dé ẹnu òun mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Fítámì K tí ara ń tọ́jú pamọ́ kò pọ̀, kì í pẹ́ tán. Mílígíráàmù 5 kò yí padà, àmọ́ ohun tó ń fà á sẹ́yìn ti lọ. Ó ti di oògùn tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi kún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, eyín bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wú, kò sì lè jẹun dáadáa. Omi àti ohun rírọ̀ díẹ̀ ló ń mu. Ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ bọ́ sí àárín ìrora yìí, kò wá. Mo ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọjọ́ náà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Níwájú orúkọ rẹ̀, “kò wá” ni mo kọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. A kò pè é. Àṣà wa nígbà yẹn ni pé ẹni tí kò bá wá, a ó dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí àwọn tí INR wọn dúró bíi tirẹ̀ kì í já wa láyà.

Ó lọ tọ́jú eyín. Wọ́n bi í bóyá ó ń lo oògùn kankan, ó dáhùn pé òun ń lo oògùn ọkàn. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bi í kò béèrè èwo. Wọ́n fún un ní metironidasóòlù mílígíráàmù 400, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, láti pa kòkòrò inú eyín, àti aibuprófẹ́ẹ̀nì fún ìrora. Wọ́n ní kó padà wá yọ eyín náà bí wíwú bá lọ.

Ọjọ́ kẹta ìlò oògùn ni ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ yọ. Bó ṣe fọ ẹnu ní òwúrọ̀, itọ́ rẹ̀ pọ́n. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó jí, ó rí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ tó tóbi tó èékánná àtàǹpàkò lára aṣọ ìrọ̀rí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín láago. Wọ́n ní eyín tó bàjẹ́ máa ń mú kí èrìgì ṣẹ̀jẹ̀, kó máa fi omi iyọ̀ fọ ẹnu. Ẹ wò ó, ìdáhùn yẹn kò burú fún ẹni tí kò mọ̀ pé wáfárìn wà nínú ọ̀rọ̀. Ohun tó mú kí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí léwu tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn: àmì àkọ́kọ́ yọ níbi tí àìsàn mìíràn ti wà tẹ́lẹ̀, àìsàn yẹn ni gbogbo ojú sì ń wò. Ká ní imú ló ti kọ́kọ́ ṣẹ̀jẹ̀, mo gbà pé wọn ì bá ti tètè fura.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí a lè fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Èrìgì tí eyín tó bàjẹ́ ń mú ṣẹ̀jẹ̀ sábà máa ń ṣẹ̀jẹ̀ ní ìdí eyín náà, bí nǹkan bá fara kàn án, á sì tètè dáwọ́ dúró. Eyín ọ̀tún ló ń dun ìyá yìí, àmọ́ nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà, ó ní òsì àti iwájú pẹ̀lú ń ṣẹ̀jẹ̀, àti pé ẹ̀jẹ̀ náà máa ń rọra sun jáde lóru nígbà tí ohunkóhun kò kàn án. Èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ káàkiri láìsí ohun tó gún un, lẹ́nu ẹni tó ń lo wáfárìn, ọ̀rọ̀ INR nìyẹn títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kì í ṣe òun.

Ọjọ́ karùn-ún, ó rí ojú ibi kan ní itan tó dúdú bí ẹni pé wọ́n fi igi lù ú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Kò rántí pé òun fi kọ́ ohunkóhun. Ọjọ́ kẹfà, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ó ń lẹ̀, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ojú ti òun láti máa ròyìn ìgbẹ́ fún ọmọ òun, àti pé òun rò pé àwọn oògùn tuntun ló fà á. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dà nínú ikùn kì í sábà jáde ní pupa. Omi kíkan inú ikùn á ti sọ ọ́ di dúdú kó tó dé ìsàlẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ọjọ́ keje, ó fẹ́ dìde lórí ibùsùn, òòyì kọ́ ọ, ó jókòó padà. Ọmọ rẹ̀ gbé e wá.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé yàrá pàjáwìrì, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 108 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá rẹ̀ sì ti wá sí 98 lórí 60. Ìgbà ìkẹyìn tí a wò ó, sẹ́ẹ̀lì pupa kó ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó ti di 26. INR rẹ̀ jẹ́ 9.4.

Wọ́n pè mí wá. Ọmọ rẹ̀ ti da gbogbo ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ sórí tábìlì: páálí wáfárìn, páálí méjì yòókù, àti ìwé pélébé mi tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Mo tú u. Wọ́n ti fi báírò fa ìlà méjì sábẹ́ gbólóhùn ẹ̀fọ́ yẹn. Mo bi í pé, “Ìyá, ẹ ṣì ń jẹ ẹ̀fọ́ bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́?” Ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Ọmọ mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má jẹ ẹ́ mọ́.”

Kí dókítà tó ṣe ohunkóhun, ó bi í bóyá orí ń fọ́ ọ, bóyá ó ń bì, bóyá ó ti ṣubú tàbí fi orí gbá nǹkan, bóyá apá tàbí ẹsẹ̀ kan ti wúwo. Ẹ̀jẹ̀ inú orí ni ohun tó burú jù tí wáfárìn lè fà, ẹni tí INR rẹ̀ ga báyìí tó sì fi orí gbá nǹkan gbọ́dọ̀ lọ ya àwòrán orí, kódà bó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò ní ìkankan nínú wọn.

Wọ́n dá wáfárìn àti aibuprófẹ́ẹ̀nì dúró. Wọ́n fún un ní fítámì K mílígíráàmù 5 gba iṣan, ní díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fún un ní àkójọ èròjà ìdídì ẹ̀jẹ̀. Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ṣe méjèèjì. Fítámì K kàn ń fún ẹ̀dọ̀ ní ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, ó sì máa ń gba wákàtí mélòó kan kí ẹ̀dọ̀ tó ṣe èròjà tuntun tó tó. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò ní àyè láti dúró. Èròjà tí wọ́n fún un gba iṣan ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ lára, fítámì K ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní INR ga bẹ́ẹ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀ kankan ni, dídá oògùn dúró àti fítámì K díẹ̀ gba ẹnu ì bá ti tó. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ló pinnu bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, ju nọ́ńbà lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, INR ti wá sí 1.4. Wọ́n fi ẹ̀rọ ayàwòrán wo inú ikùn rẹ̀, wọ́n rí ọgbẹ́ kékeré kan tó ti dẹ́kun ẹ̀jẹ̀ dídà. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, láti mọ ohun tó gbé INR láti 2.5 dé 9.4. Metironidasóòlù ló tì í jù. Ẹ̀dọ̀ ní èròjà kan tó ń fọ́ wáfárìn túútúú kó lè kúrò lára. Metironidasóòlù máa ń dá èròjà yẹn dúró lẹ́nu iṣẹ́, wáfárìn tòní á wá bá tàná nílẹ̀, tàná bá tìjẹta. Bí a bá mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ lò ó, a lè wá oògùn mìíràn fún un, bí kò bá sì sí òmíràn, a ó dín wáfárìn kù, a ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ tiwa, metironidasóòlù kò bá ẹni tí INR rẹ̀ jẹ́ 2.5. Ó bá ẹni tí kò jẹ ẹ̀fọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí kò sì jẹun kánú fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ó dá mi lójú pé nọ́ńbà rẹ̀ ti gòkè kó tó gbé oògùn eyín kankan sẹ́nu. Àyẹ̀wò tó yẹ kó wá fún ni ì bá ti sọ fún wa, a ò bá sì ti bi í ohun tó yí padà.

Ti aibuprófẹ́ẹ̀nì yàtọ̀. Kì í sábà gbé INR sókè púpọ̀. Ó ń ha awọ inú ikùn, ó sì ń dí àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó máa ń kọ́kọ́ sáré lọ dí ojú ọgbẹ́ lọ́wọ́. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń tọ́jú irú aláìsàn yìí mọ̀ nìyẹn: INR kò lè rí ewu yìí. Ẹni tí INR rẹ̀ jẹ́ 2.5 rẹ́gí, tó ń lo aibuprófẹ́ẹ̀nì, ṣì lè fi ìgbẹ́ dúdú wọlé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn dókítà gbà pé ọgbẹ́ ikùn ti jinná tó. Wọ́n ní kó padà sórí wáfárìn, nítorí rọpárọsẹ̀ tí a ń sá fún kò tíì lọ síbì kankan. A bẹ̀rẹ̀ lórí mílígíráàmù 5 tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, INR jẹ́ 1.3. Kò yà mí lẹ́nu. Èròjà ìdídì tó pẹ́ jù lára máa ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó dín sí ìdajì, nítorí náà nọ́ńbà tí ẹ rí lónìí ń sọ̀rọ̀ oògùn tí aláìsàn lò lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó jẹ́ 1.4. Èyí kò dáa mọ́. Ẹnì kan lára àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó já fáfá, ti kọ 7.5 sínú ìwé kó tó gbé e wá fún mi láti fọwọ́ sí. Ó ní ìyá náà kò gbàgbé oògùn lọ́jọ́ kankan, òun ti ka hóró tó ṣẹ́ kù. Ó ti ṣe dáadáa pẹ̀lú kíkà yẹn. Àmọ́ láti 5 sí 7.5, ìdajì oògùn ló fẹ́ fi kún un lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fẹ́ yí ìwọ̀n wáfárìn padà, ìdá 5 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ ti ọ̀sẹ̀ la sábà máa ń fi kún un tàbí yọ kúrò.

Mo ní ká jọ padà lọ bá ìyá àti ọmọ rẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ jẹ láti àárọ̀ ìjẹta fún mi.” Ọmọ rẹ̀ ló dáhùn, inú rẹ̀ sì dùn láti sọ ọ́. Nígbà tó gbọ́ pé àìjẹ ẹ̀fọ́ wà lára ohun tó fẹ́ pa ìyá òun, tó sì rò pé ẹ̀jẹ̀ tó lọ gbọ́dọ̀ padà, ó ń se ẹ̀fọ́ fún un ní ọ̀sán àti ní alẹ́, lójoojúmọ́. Ní òwúrọ̀, ó ń po ìyẹ̀fun ewé gbígbẹ kan mọ́ omi fún un mu. Fítámì K tó ń wọlé ti ju ti ayé àtijọ́ lọ fíìfíì.

Ká ní a fún un ní 7.5 lọ́jọ́ yẹn, mo gbà pé INR ì bá ti wọ 2 sí 3, inú wa ì bá sì dùn. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, nígbà tí ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ bá sú u, tàbí tí ọmọ bá rìnrìn àjò, a ò bá tún pàdé ní yàrá pàjáwìrì.

Mo bi ìyá náà bó ṣe ń jẹ ẹ̀fọ́ ní oṣù mẹ́jọ tí gbogbo nǹkan fi dúró. Ó fi ọwọ́ ṣe é fún mi, ó ká ọwọ́ bí ìgbákọ: “Ìgbákọ kan, lọ́sàn-án, kì í ṣe ojoojúmọ́.” A gbà pé ibẹ̀ ni kó padà sí: ìgbákọ kan, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ìyẹ̀fun ewé dúró. Wáfárìn kò kúrò ní mílígíráàmù 5. A kò fi sílẹ̀ láìṣọ́ ọ, nítorí pé lójoojúmọ́ tí INR bá fi wà nísàlẹ̀ 2, kókó ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ọkàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, INR jẹ́ 1.8. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, 2.2. Lẹ́yìn náà, 2.4. A rọra fa àyẹ̀wò gùn padà láti ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, láti méjì sí mẹ́rin.

Ìwé pélébé yẹn kò sí mọ́. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ sọ pé: “Ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ yín bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún un, tàbí dín in kù, tàbí bí àìsàn kò bá jẹ́ kí ẹ jẹun fún ọjọ́ méjì, ẹ pè wá kí a lè tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.” Ìgbẹ́ dúdú wà níbẹ̀ ní gbangba báyìí, pẹ̀lú ìtọ̀ pupa, èrìgì tàbí imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tí kò fẹ́ dá, ojú ara tó dúdú láìsí ohun tó gbá a, àti orí fífọ́ tó le lójijì. A tún máa ń sọ ọ́ sí aláìsàn létí, nítorí mo ti rí i pé bí a kò bá kọ́kọ́ dárúkọ ìgbẹ́, ọ̀pọ̀ kò ní dárúkọ rẹ̀ fún wa. A fún olúkúlùkù ní káàdì kékeré tí a kọ “WÁFÁRÌN” sí gàdàgbà, kí wọ́n fi han ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún wọn ní oògùn. “Oògùn ọkàn” kò tó.

Nínú kílíníìkì, ẹni tí kò bá wá fún àyẹ̀wò, a ń tẹ̀ ẹ́ láago kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kò sì sí ẹni tó ń yí ìwọ̀n oògùn padà mọ́ láìkọ ìdáhùn sí ohun mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà: ṣé oògùn kankan fò, ṣé oògùn tuntun wọlé, ṣé oúnjẹ yí padà láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló dá a lábàá pé ká tẹ àyè fún wọn sórí fọ́ọ̀mù, kó má jẹ́ pé ìrántí la gbẹ́kẹ̀ lé.

Eyín náà ṣì wà lẹ́nu ní gbogbo ìgbà yìí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá náà pè wá kó tó lọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun dá wáfárìn dúró kí wọ́n tó yọ eyín. Mo ní rárá. Eyín kan ṣoṣo ṣeé yọ láìdá oògùn dúró bí INR bá wà nísàlẹ̀ 4, ẹ̀jẹ̀ ojú eyín sì ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi dá. Kókó ẹ̀jẹ̀ tó bá dì nínú ọkàn nígbà tí oògùn kò sí lára kò ṣeé tẹ̀. Parasitámọ̀ ni kó lò fún ìrora, níwọ̀nba, nítorí bí èèyàn bá lò ó dé ìwọ̀n tó ga jù lójoojúmọ́ fún ọjọ́ púpọ̀, òun náà lè gbé INR sókè.

Ó wá ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú. INR rẹ̀ jẹ́ 2.4. Mo kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn olùtọ́jú eyín, pẹ̀lú orúkọ àwọn oògùn apakòkòrò tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fún un láìpè wá. Wọ́n yọ eyín náà, wọ́n rán ojú rẹ̀, wọ́n ní kó fi eyín fún òwú mọ́ ọn fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ láago ní alẹ́, ó ní itọ́ òun ti mọ́, òun sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè jẹ ẹ̀fọ́ òun lọ́la, nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ ni.